Àròkọ Tó Kún fún Òótọ́, Tó sì Gba Mẹ́jọ Nínú Ogún

Ẹ wo ìbéèrè mẹ́ta yìí dáadáa:

1. Ṣe àfiwé nẹ́ẹ̀tì olóògùn àti oògùn fífín sára ògiri gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti dènà ibà.
2. Jíròrò lórí lílo nẹ́ẹ̀tì olóògùn láti dènà ibà.
3. Ṣe ìgbéléwọ̀n lílo nẹ́ẹ̀tì olóògùn láti dènà ibà ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni gbogbo wọn. Ìwé kan náà lẹ máa kà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń béèrè, ọ̀rọ̀ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ àṣẹ là ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń pàṣẹ ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ tí ẹ ní. Nínú ìwé ìdánwò, ẹ máa rí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì: kọ̀mípíà ni ṣe àfiwé, dísíkọ́ọ̀sì ni jíròrò, ìfálúéètì ni ṣe ìgbéléwọ̀n. Ọ̀kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣe láìsí wàhálà, ìyẹn dísíkíráìbù, tó túmọ̀ sí ṣàpèjúwe. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ká ṣe, àpèjúwe la máa ń ṣe.

Mo wà lára àwọn tó ń bá olùkọ́ máàkì ìwé ìdánwò ní ẹ̀ka wa. Láàárín ìwé tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, àwọn tó máa ń ká mi lára jù kì í ṣe ti ẹni tí kò kàwé. Ti ẹni tó kàwé dáadáa, tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í ni. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò, ká rí ibi tí máàkì náà wọlẹ̀ sí.

Ìwé kan tí kò ní irọ́ kankan nínú

Ìbéèrè kẹta òkè yẹn ni wọ́n bi wọ́n, ti ìgbéléwọ̀n. Ogún máàkì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan kọ ojú ewé méjì, ó sì gba mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà, ó wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo kọ níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́?"

"Kò sí."

"Ṣé mo fo nǹkan ni?"

"O ò fi bẹ́ẹ̀ fo nǹkan."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ?"

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èébú dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá ròyìn àárín àròkọ náà fún yín:

"Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn apẹ̀fọn tí à ń pè ní páírẹ́tírọ́ìdì sí lára. Tí ẹ̀fọn bá bà lé e, oògùn náà á wọ̀ ọ́ lára, á sì pa á. Wọ́n máa ń so nẹ́ẹ̀tì náà sókè ibùsùn. Wọ́n ṣe é kó lè ṣiṣẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Abo ẹ̀fọn Anọ́fílíìsì ló ń gbé ibà káàkiri, òru ló sì sábà máa ń jẹ ènìyàn. Àwọn ẹ̀fọn kan ti wà báyìí tí oògùn yìí kò pa mọ́. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn dára gan-an fún dídènà ibà."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí olùkọ́ ṣe pín ogún máàkì náà nínú ìwé tí a fi ń máàkì. Mẹ́jọ wà fún ìmọ̀: kí ni nẹ́ẹ̀tì olóògùn, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Mẹ́jọ wà fún wíwọn ẹ̀rí: kí ló fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ló fi hàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ààlà, èwo nínú ẹ̀rí méjèèjì ló wúwo jù, kí sì nìdí. Mẹ́rin tó kù wà fún ìdájọ́ tó jáde látinú ẹ̀rí yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa gba méje nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́. Nínú mẹ́jọ kejì, ó gba ẹyọ kan, torí ó dárúkọ àwọn ẹ̀fọn tí oògùn kò pa mọ́. Kò sọ ohun tí ìyẹn ṣe sí agbára nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó kéré tán, ó tọ́ka sí àléébù kan. Nínú mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, òdo ni. "Nẹ́ẹ̀tì olóògùn dára gan-an" jọ ìdájọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kankan tó gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tí kò kàwé rárá náà lè kọ gbólóhùn yẹn.

Ohun tó yẹ kó yé wa nìyí: ká ní ó kọ ojú ewé mẹ́wàá irú àpèjúwe yẹn, mẹ́jọ náà ni ì bá jẹ́ òkè téńté fún ìmọ̀. Àpótí yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Omi tó ń bù kún un ń ṣàn dànù ni, nígbà tí àpótí méjì tó kù ṣófo.

Kì í ṣe olùkọ́ ẹ̀ka wa nìkan ló ń pín máàkì báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń jókòó ṣe ìdánwò Éè-lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ìjọba ti là á sílẹ̀ nínú òfin ìdánwò Báyọ́lọ́jì pé ìmọ̀ àti òye lásán á kó ìdá 30 sí 35 nínú 100 máàkì. Lílo ìmọ̀ náà á kó 40 sí 45. Wíwọn ẹ̀rí, ṣíṣe ìtúpalẹ̀ àti ìdájọ́ á kó 25 sí 30. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni wọ́n fi ń ya àwọn ìpín wọ̀nyí sọ́tọ̀ nínú ìbéèrè. Ẹni tó bá ń ṣàpèjúwe látòkè délẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń dù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá mú àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yìí kan náà ṣe é.

Àfiwé: ojúkojú ni kí wọ́n dúró

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè àfiwé rèé: ìpínrọ̀ kan fún nẹ́ẹ̀tì, ìpínrọ̀ kan fún oògùn fífín, ó parí. Àpèjúwe méjì tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn nìyẹn. Ẹni tó ń máàkì ló wá máa fojú lọ sókè, fojú bọ̀ nísàlẹ̀, kó tó rí ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín gan-an nìyẹn, máàkì rẹ̀ kò sì lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń máàkì.

Àpẹẹrẹ èyí tí mo máa ń rí ni: "Nẹ́ẹ̀tì máa ń wà fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń fín oògùn sára ògiri." Ṣùgbọ́n yẹn ò so nǹkan kan pọ̀. Apá kan ń sọ iye àkókò, apá kejì ń sọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́. Bí ẹni pé Táyé ga, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé fẹ́ràn ẹ̀wà.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni pé ká yan kókó tí a fẹ́ fi wọ́n wéra, ká wá mú àwọn méjèèjì wá síwájú kókó kan náà. Mo máa mú mẹ́ta.

Kókó kìíní ni ìgbà tí ẹ̀fọn ń bá oògùn pàdé. Nẹ́ẹ̀tì wà láàárín ẹ̀fọn àti ẹni tó sùn, nítorí náà ẹ̀fọn sábà máa ń pàdé oògùn kó tó jẹ ènìyàn. Ní ti oògùn ara ògiri, ẹ̀fọn sábà máa ń jẹun yó tán kó tó lọ sinmi lára ògiri, ibẹ̀ ló ti ń kú. Ohun tó tìdí èyí wá ṣe pàtàkì: nẹ́ẹ̀tì ń dáàbò bo ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀, kódà bó jẹ́ òun nìkan ló ní in ládùúgbò, nígbà tí oògùn ara ògiri ń dáàbò bo ẹni tí ẹ̀fọn náà ì bá lọ jẹ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ fín oògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ fín ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tó wà ládùúgbò kó tó já mọ́ nǹkan.

Kókó kejì ni bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó. Wọ́n ṣe nẹ́ẹ̀tì kó lè lò tó ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọ̀pọ̀ oògùn ara ògiri ń lo oṣù díẹ̀, bí mẹ́ta sí mẹ́fà, kí wọ́n tó ní láti tún un fín.

Kókó kẹta ni ibi tí wọ́n ti jọra. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o, torí àfiwé kì í ṣe ìyàtọ̀ nìkan. Inú ilé ni àwọn méjèèjì ti ń bá ẹ̀fọn jà. Bí ẹ̀fọn bá ń jẹ ènìyàn níta, tàbí tó ń jẹun nínú ilé tó sì ń jáde lọ sinmi níta, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa dín kù. Wọ́n rí ìkejì yìí gbangba ní Garki, lẹ́bàá Kano, níbi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá láti 1969 sí 1976. Wọ́n fín oògùn sínú ilé káàkiri àwọn abúlé, wọ́n tún pín oògùn ibà fún àwọn ará abúlé kan. Ibà dín kù, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Lára ohun tó fà á ni pé apá kan lára ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sinmi sára ògiri tí wọ́n fín.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. "Nígbà tí", "ní ti", "àwọn méjèèjì" ló gbé gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ àfiwé tán tí irú ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ wọ̀nyí ò sí nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan.

Ìjíròrò: ẹ jẹ́ kí ìhà kejì náà sọ̀rọ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yẹn ni gbogbo ohun tí dísíkọ́ọ̀sì ń béèrè. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ní ju ojú kan lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ gbé àwọn ojú náà kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ara wọn lóhùn.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á kọ àǹfààní márùn-ún sílẹ̀, wọ́n á kọ àléébù márùn-ún sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á lọ. Àkójọ méjì tí wọn ò mọ ara wọn nìyẹn. Nínú ìjíròrò, àléébù gbọ́dọ̀ jẹ́ èsì sí àǹfààní kan pàtó.

Fún àpẹẹrẹ, ẹ̀yin lẹ sọ pé nẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, ó sì ń pẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Ìhà kejì á fèsì pé orí ìwé ni ọdún mẹ́ta yẹn wà. Níbi kan, ọ̀pọ̀ nẹ́ẹ̀tì ń ya kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ibòmíràn sì wà tí wọ́n ń lò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìhà kìíní lè fèsì padà pé nẹ́ẹ̀tì tó lu díẹ̀ ṣì wúlò, torí oògùn ara rẹ̀ ṣì lè pa ẹ̀fọn tó bá ń wá ihò. Ìhà kejì á tún ní: ó dáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọn adúgbò náà bá jẹ́ irú èyí tí páírẹ́tírọ́ìdì kò pa mọ́ ńkọ́? Nígbà náà, ihò yẹn á di ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn tí oògùn kò pa mọ́ ti rí iṣẹ́ ṣe báyìí? Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìròyìn. Níbí, ó fọ́ ìdáhùn kan tó ti fẹ́ borí. Òótọ́ kan náà ni o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló yàtọ̀.

Ìjíròrò nílò ìparí, àmọ́ kò di dandan kí ẹ dá ẹnì kan láre. Ó tó kí ẹ sọ ibi tí àríyànjiyàn náà dé: "Ìyàtọ̀ gidi kò sí lórí bóyá nẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó níbi tí ẹ̀fọn ti yí padà."

Ìgbéléwọ̀n: ẹ gbé e ka ìwọ̀n, kí ẹ kà á síta

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà fi ara rẹ̀ pè. Ìyá tó ń ta gààrí lórí ìwọ̀n kì í sọ pé gààrí yìí funfun, ó sì kúná, kó wá dákẹ́. Ó máa sọ iye tó wọ̀n. Nínú ìgbéléwọ̀n sáyẹ́ǹsì, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà: òṣùwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò, ẹ̀rí tí ẹ gbé lé e, àti ìdájọ́.

Òṣùwọ̀n la máa ń gbàgbé jù. "Ṣé nẹ́ẹ̀tì dára?" kì í ṣe ìbéèrè tó ṣe é dáhùn. Dára fún kí ni? Ẹ lè lo òṣùwọ̀n bíi: ṣé ó ń dín ikú kù? Ṣé agbára rẹ̀ ṣì wà lónìí? Ṣé ó bá ibi tí ìbéèrè dárúkọ mu, ìyẹn Nàìjíríà? Mẹ́ta tó fún ogún máàkì.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí. Fún òṣùwọ̀n kìíní, ẹ̀rí tó lágbára wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti pín nẹ́ẹ̀tì fún àwọn abúlé kan, tí wọn ò sì fún àwọn mìíràn, jọ pọ̀, wọ́n rí i pé ikú ọmọdé dín kù ní ìdá 17 nínú 100 níbi tí nẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ̀rí tó wúwo ni, torí ikú gan-an ni wọ́n kà, wọ́n sì ní abúlé tí wọ́n lè fi wé e.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì kúrò lórí ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí yẹn wáyé kí ẹ̀fọn tí páírẹ́tírọ́ìdì kò pa mọ́ tó tàn káàkiri. Nítorí náà, 17 yẹn sọ ohun tí nẹ́ẹ̀tì ṣe nígbà náà. Kò sọ ohun tí irú nẹ́ẹ̀tì kan náà lè ṣe lónìí fún wa ní tààrà. Gbólóhùn yìí nìkan lè fún yín ní máàkì méjì nínú àpótí kejì, torí pé ẹ gbé ẹ̀rí kalẹ̀, ẹ sì sọ ibi tí agbára ẹ̀rí náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi pańpẹ́ kan hàn yín níbí, torí àwọn tó kàwé gan-an ló ń mú. Ní 2015, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2000 sí 2015, oríṣiríṣi ọ̀nà ìdènà àti ìtọ́jú gba Áfíríkà lọ́wọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ibà mílíọ̀nù 663. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ló kó ìdá 68 nínú 100 rẹ̀, oògùn ara ògiri sì kó 10. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ pé: "Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára ju oògùn fífín lọ ní ìlọ́po méje."

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rí nẹ́ẹ̀tì gbà láàárín ọdún wọ̀nyẹn pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí wọ́n fín ilé wọn lọ. Iye yẹn jẹ́ àpapọ̀ agbára àti iye ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá kó ènìyàn 60 lọ sí Ìbàdàn, tí takisí kan sì kó mẹ́rin, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀sì ló yára jù. Ẹ lè fi 68 yẹn gbe ìdájọ́ pé nẹ́ẹ̀tì ló ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ ò lè fi gbe ìdájọ́ pé nẹ́ẹ̀tì kan lágbára ju ògiri kan tí wọ́n fín lóògùn lọ. Ẹni tó bá kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ ti ṣe ìgbéléwọ̀n. Ẹni tó kàn kọ iye náà sílẹ̀ ti ṣàpèjúwe, bí iye náà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ìdájọ́ ló kù. Bí mo ṣe lè parí àròkọ náà rèé:

"Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ṣì ni ọ̀nà tó yẹ kí Nàìjíríà gbára lé jù láti dènà ibà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ní páírẹ́tírọ́ìdì nìkan. Ẹ̀rí pé nẹ́ẹ̀tì ń gba ẹ̀mí ọmọdé là lágbára, torí ikú ni wọ́n kà nínú ìwádìí náà, àmọ́ ó ti pẹ́, ẹ̀fọn sì ti yí padà láti ìgbà náà. Èyí kò fi hàn pé ká pa nẹ́ẹ̀tì tì. Ó fi hàn pé ká pààrọ̀ oògùn ara rẹ̀. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì tó ní oògùn kejì, kílọfẹ́nápà, kún páírẹ́tírọ́ìdì fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀fọn bá ti ń jẹ àwọn ènìyàn níta kí wọ́n tó wọlé sùn, ìdájọ́ yìí kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀, torí nẹ́ẹ̀tì kò lè bo ẹni tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ ní tààrà."

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mú ìhà kan, mi ò dúró sí àárín ọ̀nà. Mo sọ ẹ̀rí tó gbé mi débẹ̀. Mo sọ ìdí tí àléébù tó tóbi jù kò fi yí ìdájọ́ náà dànù. Mo sì sọ ohun tó lè yí i padà. Máàkì mẹ́rin ìgbẹ̀yìn wà nínú nǹkan mẹ́rin yẹn, bẹ́ẹ̀ ó kéré sí ìdajì ojú ewé.

Bí ẹ ṣe lè dá ara yín máàkì

Ohun tí mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe ni pé kó mú bírò, kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀, kó kọ lẹ́tà kan síbẹ̀. O fún òótọ́ lásán, W fún gbólóhùn tó wọn ẹ̀rí tàbí tó so nǹkan méjì pọ̀, D fún ìdájọ́. Gbólóhùn mẹ́rìnlá ló kọ. Méjìlá jẹ́ O. Ẹyọ kan jẹ́ W. Ẹyọ kan jẹ́ D, D ọ̀hún kò sì ní W kankan tó gbé e ró. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, O ló kún ibí." Mi ò ní ohun tí mo tún fẹ́ ṣàlàyé mọ́.

Fún àpèjúwe, kó jẹ́ O ló pọ̀. Fún àfiwé, ẹ gbọ́dọ̀ rí W nínú gbogbo ìpínrọ̀. Fún ìjíròrò, W gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé O, kó máa dá a lóhùn. Fún ìgbéléwọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ rí O, W àti D, D náà kò sì gbọdọ̀ wá láìsí W níwájú rẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ńkọ́, tí kò sí àyè láti máa kọ lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé? Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ bo ọ̀rọ̀ àṣẹ inú ìbéèrè mọ́lẹ̀, kí ẹ fi "ṣàpèjúwe" rọ́pò rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ti kọ bá ṣì bá ìbéèrè tuntun yẹn mu pátápátá, ẹ ti ṣìnà, ẹ sì ṣì ní àkókò láti padà. Nínú ìwé tí mo fi hàn yín, kò sí ohun tí ì bá yí padà àfi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn.

Ó ku ààlà méjì tó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkínní, ọ̀rọ̀ àṣẹ kì í ní ìtumọ̀ kan náà níbi gbogbo. Dísíkọ́ọ̀sì ló burú jù nínú wọn. Ní ẹ̀ka kan, ó túmọ̀ sí ìjíròrò gidi bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ní òmíràn, olùkọ́ kàn ń lò ó láti sọ pé "kọ gbogbo ohun tí o mọ̀" ni. Ẹ bi olùkọ́ yín kí ìdánwò tó dé, tàbí kí ẹ wo ìbéèrè àtijọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ wà. Èkejì, ẹ wo iye máàkì tó wà níwájú ìbéèrè. Ìgbéléwọ̀n onímáàkì mẹ́rin kò nílò òṣùwọ̀n mẹ́ta. Kókó kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan àti ìdájọ́ gbólóhùn kan ti tó o.

Ẹ gbìyànjú èyí wò kí ẹ tó sùn lónìí. Lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn fífi ṣíṣu òjò pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù fún mímu, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta: ọ̀kan tó fi omi òjò wé omi kànga, ọ̀kan tí ìhà kejì fi dá àǹfààní omi òjò lóhùn, àti ọ̀kan tó dájọ́ bóyá ó yẹ kí ìdílé tó wà lábẹ́ òrùlé páànù tó ti dípẹtà gbára lé e. Kí ẹ wá bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, kí ẹ fún ẹlòmíràn ní gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà. Bí onítọ̀hún bá lè sọ èyí tó jẹ́ àfiwé, èyí tó jẹ́ ìjíròrò àti èyí tó jẹ́ ìgbéléwọ̀n láìrí ìbéèrè rárá, a jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ àṣẹ.